Ìmeèlì tó ń bá àpilẹ̀kọ lọ sọ́dọ̀ olóòtú jọ́nà: kí ni ká gé, kí ni ká fi sílẹ̀?

Ìmeèlì yìí kì í ṣe àkékúrú àpilẹ̀kọ. Ohun tó wà fún ni kí olóòtú lè tètè mọ̀ bóyá kí òun fi iṣẹ́ náà ṣọwọ́ sí àwọn onímọ̀ tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò, tàbí kí òun dá a padà kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn rárá. Ká ní ẹnì kan kọ́kọ́ kọ ọ́ báyìí:

"Olóòtú wa ọ̀wọ́n, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, mo sì lérò pé àlàáfíà ni ẹ wà. Inú mi dùn púpọ̀ láti fi ìwádìí wa tó jẹ́ àrà ọ̀tọ̀ ránṣẹ́ sí jọ́nà yín tó lókìkí káàkiri àgbáyé. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti ń wádìí bí irúgbìn ṣe ń hù."

Gbólóhùn mẹ́ta ti lọ, olóòtú ò tíì mọ ohun tí wọ́n rí. Lẹ́yìn tí a gé e, ó kù báyìí:

"Ọ̀jọ̀gbọ́n Lágbájá, ẹ kú iṣẹ́. Àpilẹ̀kọ ìwádìí wa, 'Ooru Ibi Ìpamọ́ àti Híhù Irúgbìn Ẹ̀wà', ló wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. A rí i pé irúgbìn tó lo oṣù 6 níbi tó móoru kò hù tó èyí tó wà níbi tútù, bẹ́ẹ̀ ojú lásán ò lè fi ìyàtọ̀ hàn láàárín wọn. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn òǹkàwé yín tó ń ṣiṣẹ́ lórí ìpamọ́ irúgbìn. A kò tíì tẹ̀ ẹ́ jáde, kò sì sí níwájú jọ́nà mìíràn. Gbogbo àwa òǹkọ̀wé la fọwọ́ sí i. Ẹ ṣeun."

Ọ̀wọ̀ ò dín kù níbẹ̀. Oyè olóòtú, "ẹ" àti "yín" ti gbé e. "Àrà ọ̀tọ̀" ló kọ́kọ́ kúrò, torí olóòtú ló ni ìdájọ́ yẹn. Gbólóhùn tó sọ ohun tí wọ́n rí ni yóò jẹ́ kó gbà bẹ́ẹ̀. Ìyìn jọ́nà náà lọ. Olóòtú ṣáà mọ jọ́nà rẹ̀.

Àwọn kan máa ń gé e dé egungun, wọn a yọ gbólóhùn pé iṣẹ́ ò sí níbòmíràn. Èyí ò ṣeé yọ, torí àwọn jọ́nà kì í gba àpilẹ̀kọ tó wà níwájú ẹlòmíràn lásìkò kan náà. Bákan náà, bó bá jẹ́ ilé iṣẹ́ tó ń ta irúgbìn ló náwó sí ìwádìí náà, ẹ fi gbólóhùn kan sọ ọ́. Bí olóòtú bá fúnra rẹ̀ rí i lẹ́yìn náà, á jọ pé wọ́n fi pamọ́ ni.

Àṣìṣe tó burú jù kì í sí nínú ìgé rárá. Bí jọ́nà kan bá ti dá iṣẹ́ náà padà, òǹkọ̀wé a máa tún ìmeèlì àtijọ́ lò, orúkọ jọ́nà àkọ́kọ́ á sì kù sí ìpínrọ̀ kejì. Kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ wá orúkọ jọ́nà àtijọ́ àti ti olóòtú rẹ̀ nínú ìmeèlì náà àti nínú fáìlì tẹ́ ẹ so mọ́ ọn.