Agbára òòfà kò mọ ibi tí ojú irin dagẹ̀rẹ̀ sí

Níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní lẹ́sìnnì ní Lágéré, n'Ilé-Ifẹ̀, ìbéèrè kan wà tí mo máa ń kọ sójú bọ́ọ̀dù lọ́dọọdún, ọ̀nà kan náà ni ọ̀pọ̀ wọn sì máa ń gbà kùnà rẹ̀. Ojú irin kékeré méjì dagẹ̀rẹ̀, ọ̀pá bàbà kan dùbúlẹ̀ lé wọn ní ìbú, iná bátìrì ń gba inú ọ̀pá náà kọjá. Pápá òòfà tó wà níbẹ̀ dojú kọ òkè gangan. Iná mélòó ni kò ní jẹ́ kí ọ̀pá yọ̀ wá sílẹ̀?

Wọ́n á ní, "Tísà, ṣebí ìwúwo ń fà á wálẹ̀, òòfà ń tì í gòkè, ká kàn jẹ́ kí méjèèjì dọ́gba." Wọ́n á wá fi B dúró fún pápá òòfà, I fún iná, L fún bí ojú irin méjèèjì ṣe jìnnà síra, mg fún ìwúwo ọ̀pá, θ fún ìdagẹ̀rẹ̀, wọ́n á sì kọ:

```
BIL = mg sin θ
```

Ìdajì rẹ̀ tọ̀nà. Ìwọ̀n tí ìwúwo fi ń fa ọ̀pá wálẹ̀ lójú irin, mg sin θ ni lóòótọ́. Apá òòfà ni wọ́n ti ṣì í. Ẹni tó bá ti lo òfin ọwọ́ òsì Fleming rí mọ̀ pé agbára òòfà kì í bá iná rìn, kì í sì í bá pápá òòfà rìn. Ńṣe ló ń dábùú àwọn méjèèjì. Bí pápá bá lọ sókè gangan, tí iná sì gba ìbú, ọ̀nà tó kù kò ju pé kí agbára náà lọ gbọọrọ, kó tẹ́ bíi ilẹ̀ pẹrẹsẹ. Bí ojú irin ṣe dagẹ̀rẹ̀ tó kò kàn án.

Mo máa ń ní kí wọ́n gbé rúlà onígi lé ìwé, kó dagẹ̀rẹ̀, kí wọ́n fi bírò dábùú rẹ̀, kí wọ́n wá fi ìka kan tì í, ìka náà ò sì gbọdọ̀ gbé orí sókè. Bírò dúró lóòótọ́, àmọ́ ìka á mọ̀ pé òun ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ rúlà bí òun ṣe ń tì í. Bẹ́ẹ̀ ni òòfà ṣe ń ṣe. BIL cos θ nìkan ló ń ti ọ̀pá gòkè. BIL sin θ ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ irin ni. Nítorí náà:

```
BIL cos θ = mg sin θ
I = mg tan θ / (BL)
```

Ká ní ọ̀pá náà wúwo tó gíráàmù 40, ojú irin fi sẹ̀ǹtímítà 20 jìnnà síra, pápá òòfà jẹ́ tẹ́sílà 0.5, ìdagẹ̀rẹ̀ jẹ́ dìgírì 30, g sì jẹ́ 10. Ìwúwo ọ̀pá jẹ́ níútọ̀nù 0.4, BL sì jẹ́ 0.1. Ìṣirò àwọn ọmọ á mú áńpíà 2 wá; èyí tó tọ̀nà jẹ́ áńpíà 2.31. Ní áńpíà 2, òòfà ń ti ọ̀pá gòkè pẹ̀lú níútọ̀nù 0.173 péré, ìwúwo sì ń fà á wálẹ̀ pẹ̀lú 0.2. Bí irin bá ń yọ̀ dáadáa, ọ̀pá ti lọ nìyẹn.

Ibi tó ti dùn mọ́ mi jù nìyí: lórí tábìlì gidi, ọ̀pá náà lè má lọ. Ká ní fíríkíṣọ̀n, ìyẹn bí irin ṣe ń ha irin lára, lè tó ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára tí ọ̀pá fi tẹ irin. Níútọ̀nù 0.027 tó ṣẹ́kù yẹn, ó gbé e láìlàágùn. Ọmọ tó fi sin ṣírò á rí ọ̀pá tó dúró, á sì rò pé òun gbà á. Ẹni tó bá fẹ́ mọ òótọ́, kó máa fi iná kún un títí ọ̀pá á fi fẹ́ gòkè, lẹ́yìn náà kó máa dín in kù títí á fi fẹ́ yọ̀. Nínú àpẹẹrẹ wa, yóò gòkè ní nǹkan bí áńpíà 2.88, yóò yọ̀ ní 1.81. Àárín méjèèjì jẹ́ 2.34, ó sún mọ́ 2.31 ju 2 lọ dáadáa.

Ìdagẹ̀rẹ̀ kékeré náà máa ń bo àṣìṣe yìí mọ́lẹ̀. Ní dìgírì 10, sin mú áńpíà 0.69 wá, tan mú 0.71. Ní dìgírì 60, sin ní 3.46, tan ní 6.93, ìlọ́po méjì géérégé.

Mi ò sọ pé BIL = mg sin θ kò ní àyè tirẹ̀ o. Bí ìbéèrè bá sọ pé pápá òòfà dábùú ojú irin fúnra rẹ̀, tó dagẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, agbára òòfà á gba ojú irin gòkè tààrà, áńpíà 2 á sì tó. Kódà, bí irin bá ń yọ̀ dáadáa, kò sí ìhà tí a lè kọ pápá yẹn sí tí iná tó kéré ju èyí lọ á fi gbé ọ̀pá náà dúró. Gbólóhùn kékeré yẹn nínú ìbéèrè ni kí ẹ kọ́kọ́ wá.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọbìnrin kan bi mí pé, "Tísà, tí a bá wá na ojú irin dúró gangan ńkọ́?" Mo ní kó fi sin ṣírò rẹ̀. Ó rí áńpíà 4. Mo ní kó fi bírò ti ara ògiri, kó fi ìka tẹ̀ ẹ́ gbọọrọ, kó sì gbìyànjú kí bírò náà gòkè. Ó tẹ̀ ẹ́, ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó wo kakulétọ̀ rẹ̀, ó tẹ tan 90. "Ó ń sọ pé error, sà."