Èló Ni Wọ́n Ń San Fún Irú Iṣẹ́ Yín Lágbègbè Yìí?

Ọmọbìnrin kan tó ń ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Kàbà wá bá mi pé òun fẹ́ kí ọ̀gá òun fi kún owó oṣù òun. ₦90,000 ló ń gbà. Ẹ̀rí kan ṣoṣo tó ní ni pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń gba ₦250,000 ní Àbújá.

Mo ní, "Àbúrò mi, fi ìyẹn sílẹ̀. Ọ̀gá á ní kó o máa lọ sí Àbújá. Ẹni tó lè gbà ẹ́ mọ́ ọ̀gá ẹ lọ́wọ́ ní tòótọ́ ni kó o mọ iye tó ń san." ₦70,000 tí òfin fi lélẹ̀ lọ́dún 2024 náà ò ràn án lọ́wọ́: iye tí owó oṣù ò gbọdọ̀ kéré sí ni, kò sọ ohun tí ọgbọ́n iṣẹ́ tó.

Mo ní kó kọ ohun tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe sílẹ̀, nítorí orúkọ ipò máa ń tan èèyàn. "Olùrànlọ́wọ́" ni wọ́n ń pè é, àmọ́ òun ló ń fa ẹ̀jẹ̀, òun ló ń wo kòkòrò ibà lábẹ́ awò, òun náà ló ń ṣọ́ oògùn àyẹ̀wò kó má tán. Àwọn tó ń ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló yẹ kó lọ bi léèrè.

Kò bi ẹnikẹ́ni pé, "Èló lò ń gbà?" Àwa ọmọ Òkun níhà Kàbà kì í dáhùn ìyẹn. Ohun tó ń bi wọ́n ni pé, "Tí wọ́n bá fẹ́ gba ẹni tuntun sírú iṣẹ́ yìí lọ́dọ̀ yín lónìí, èló ni wọ́n máa fi bẹ̀rẹ̀?" Ẹni tuntun ni kẹ́ ẹ béèrè. Owó ẹni tó ti lo ọdún mẹ́wàá níbì kan lè jẹ́ ti ìfaradà, kó má jẹ́ ti ọjà.

Ó mú iye mẹ́ta bọ̀. Mopa: ₦95,000 pẹ̀lú yàrá ọ̀fẹ́. Ìsánlú: ₦125,000. Lọ́kọ́ja: ₦140,000. Bẹ́ ẹ bá tò wọ́n bẹ́ẹ̀, ẹ̀ ń fi iṣu wé gààrí. Yàrá bíi ti Mopa ò kéré sí ₦10,000 lóṣù, ó di ₦105,000. Ti Ìsánlú, orí ìwé ló wà: wọ́n ń yọ ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún fún owó ìfẹ̀yìntì, ₦115,000 ló ń wọlé. Ti Lọ́kọ́ja, ilé gbígbé níbẹ̀ máa gbà tó ₦20,000 lóṣù ju ohun tó ń san ní Kàbà lọ, ó ku ₦120,000. Ẹ wá rí i pé wọ́n ti súnmọ́ra. Bí ọ̀kan bá ṣì yọ gedegbe lẹ́yìn ìṣirò, ẹ padà lọ bi í bóyá iṣẹ́ alẹ́ wà nínú ẹ̀.

Èèyàn mẹ́ta kì í ṣe gbogbo ọjà, mo sọ fún un. Ṣùgbọ́n kò sí ìkankan nínú wọn tó wà nísàlẹ̀ ₦105,000. ₦115,000 ló béèrè. Ó kọ ìlú àti iye owó sínú ìwé kan, kò kọ orúkọ ẹni tó sọ fún un. Ọ̀gá wo ti Ìsánlú pẹ́, ó sì bi í pé, "Ṣé èyí tó ń wọlé ni?" Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Wọ́n parí ẹ̀ sí ₦110,000.