AWG sí mm²: ṣáàtì yẹn, apá ibì kan ṣoṣo ni wọ́n ń kà á sí

Ẹni tó bá ti ra ẹ̀rọ tí wọ́n kọ 10 AWG sínú ìwé ẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi ń mọ bí wáyà ṣe nípọn tó, tó wá jẹ́ pé mm² ni wọ́n kọ sára gbogbo kébù tó rí rà, á ti pàdé ṣáàtì kan tó ní 14 jẹ́ 2.5, 12 jẹ́ 4, 10 jẹ́ 6. Ṣáàtì yẹn ò burú o, bí àwọn èèyàn ṣe ń kà á ló burú.

Ẹ wò ó, tẹ́ ẹ bá gé wáyà 14 AWG, ojú kọ́pà tẹ́ ẹ máa rí fẹ̀ tó 2.08 mm². Ti 12 jẹ́ 3.31, ti 10 jẹ́ 5.26. Kò sí ìkankan nínú wọn tó pé iye tí wọ́n kọ síwájú ẹ̀. Ẹni tó ṣe ṣáàtì ò purọ́, ó kàn sún un lọ sí sáìsì tó tóbi jù ú lọ nínú àwọn tí wọ́n ń ṣe, ìyẹn 1.5, 2.5, 4, 6, 10, 16, torí kò sí 3.31 nínú àwọn sáìsì mm². Bí ìgbà téèyàn ń ra bàtà ni. Ẹsẹ̀ tó bọ́ sáàárín sáìsì méjì, èyí tó tóbi la máa rà fún un, á sì wọ̀ ọ́. Àmọ́ ẹni tó jẹ́ pé sáìsì ńlá yẹn gan-an ló bá ẹsẹ̀ ẹ̀ mu, tẹ́ ẹ bá gbé èyí tó kéré fún un pé ṣebí ọ̀kan náà ni wọ́n, ìka ẹsẹ̀ ẹ̀ á sọ fún un kó tó dé ọ̀nà.

Nǹkan tí wọ́n ń ṣe nìyẹn tí wọ́n bá ka ṣáàtì yẹn sẹ́yìn. Ká ní pílàánù sọ pé 4 mm², wáyà 12 AWG ló wà nílẹ̀, ẹnì kan á ní "ọ̀kan náà ni jàre." Kì í ṣe ọ̀kan náà, kọ́pà ti dín ní 17%. Ká ní bátìrì 12 fóòlù ló ń gbé iná náà, 10 áḿpù ló ń fà, mítà 5 sì ni bátìrì fi jìnnà sí ẹ̀rọ, àlọ àti àbọ̀ jẹ́ mítà 10. Ẹni tó ya pílàánù ò fẹ́ kí iná tó máa ṣòfò lọ́nà ju ìdajì fóòlù lọ. Kébù 4 mm² ò gbọdọ̀ ní ju 4.61 óòmù lọ ní kìlómítà kan, nítorí náà 0.46 fóòlù ló máa jẹ, ó yege. Ti 12 AWG jẹ́ nǹkan bíi 5.21, á jẹ 0.52, ó ti kọjá àlà. 10 AWG ló yẹ kí wọ́n mú níbẹ̀, ìyẹn ò ní jẹ ju 0.33 lọ.

Téèyàn ò bá ní ṣáàtì lọ́wọ́, fọ́múlà rèé, `n` ni nọ́ńbà AWG:

```
mm2 = 0.012668 * 92 ** ((36 - n) / 19.5)
```

Fún 1/0 ẹ fi 0 sí `n`, fún 2/0 ẹ fi -1. Ṣùgbọ́n orí náà lè ṣe é, ibẹ̀ sì lọgbọ́n tó wà nínú AWG ti dùn mọ́ mi. Gbogbo ìgbésẹ̀ ló jẹ́ ìdá kan náà: nọ́ńbà ń lọ sókè, wáyà ń tín-ín-rín, tẹ́ ẹ bá gòkè mẹ́ta kọ́pà á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìdajì. Ẹ rántí 10 pé 5.26 ni, 13 á jẹ́ nǹkan bíi 2.6, 16 á jẹ́ 1.3. Tó bá jẹ́ ìgbésẹ̀ kan péré, ẹ fi 1.26 pín in.

Ibi tí wọ́n tún ti máa ń ṣìnà ni kébù tí ohun tí wọ́n kọ sára ẹ̀ ti pa rẹ́. Wọ́n á bó rọ́bà, wọ́n á fi kálípà wọn gbogbo kọ́pà pọ̀. Ẹ mú kébù 2.5 mm² tó ní fọ́nrán méje, tí ìbú ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 0.67 mm: tẹ́ ẹ bá wọn gbogbo ẹ̀ pọ̀ ẹ máa rí 2.01 mm, wáyà 12 AWG tó jẹ́ fọ́nrán kan ṣoṣo sì jẹ́ 2.05, lẹnì kan bá ní 12 nìyí. Rárá o. Àlàfo tó wà láàárín àwọn fọ́nrán náà kì í gbé iná. Fọ́nrán kan ni kẹ́ ẹ wọ̀n, ẹ fi ìbú ẹ̀ lu ara ẹ̀, ẹ fi 0.785 lù ú, kẹ́ ẹ wá fi iye fọ́nrán lù ú. Ó máa fún yín ní 2.47, ìyẹn sì ò tó 12 AWG rárá, àárín 14 àti 13 ló bọ́ sí.