Dọ́là-kọ́ọ̀sì áfíréèjì: fífi iye owó kan náà ra ṣíà lóṣooṣù

Ẹni tó ń mú ₦2,000 lọ ra gàrí ní ọjà Akẹ̀sán lóṣooṣù kò ní máa bọ̀ pẹ̀lú iye kóńgò kan náà. Bí gàrí bá wọ́n, kóńgò á dín. Bó bá pọ̀ lọ́jà, kóńgò á lé sí i. Ohun tí àwọn oníṣòwò ìdókòwò ń pè ní dọ́là-kọ́ọ̀sì áfíréèjì kò ju ìyẹn lọ, àfi pé ṣíà, ìyẹn ìpín nínú ilé-iṣẹ́, là ń rà. Ẹ má jẹ́ kí dọ́là inú orúkọ rẹ̀ dẹ́rù bà yín: náírà náà ṣeé fi ṣe é.

Ká ní tíṣà kan ní Ọ̀yọ́ ń yọ ₦20,000 nínú owó oṣù rẹ̀. Ní oṣù kìíní, ṣíà kan jẹ́ ₦50, ó sì rí 400 rà. Ní oṣù kejì ó di ₦40, ó rí 500. Ní oṣù kẹta ọjà wó, ṣíà di ₦25. Owó kan náà wá ra 800. Ní oṣù kẹrin ó gbéra padà sí ₦40, tíṣà tún rí 500.

₦80,000 ti ra ṣíà 2,200, ìyẹn nǹkan bíi ₦36.36 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀, ìpíndọ́gba iye tí wọ́n tà á lóṣù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ ₦38.75. Oṣù tí ọjà rọ̀ ló fa ìyàtọ̀ náà, torí ìgbà yẹn ló rà jù. Ní ₦40, ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó ₦88,000, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ṣíà kò tíì padà dé ₦50 tó ti bẹ̀rẹ̀.

Oṣù kẹta yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sá. Ká ní tíṣà wa fò ó: ₦60,000 á ra ṣíà 1,400, tó jẹ́ ₦56,000 ní oṣù kẹrin. Èrè ₦8,000 ti di àdánù ₦4,000. Ìdí nìyí tó fi dára kí báǹkì máa yọ owó náà fúnra rẹ̀, kí ọjọ́ ìyọwó sì jẹ́ ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn tí owó oṣù máa ń wọlé. Bó bá ṣáájú owó oṣù, báǹkì ò ní bá nǹkan kan nínú àpò, oṣù náà á sì lọ lásán.

Ẹ wo owó alágbàtà tó ń báni ra ṣíà pẹ̀lú. Bó bá ń gba ₦500 lórí ìrajà kọ̀ọ̀kan, kọ́bọ̀ méjì ààbọ̀ ló ń mú nínú náírà kọ̀ọ̀kan ẹni tó mú ₦20,000 wá, ṣùgbọ́n kọ́bọ̀ mẹ́wàá ló ń mú lọ́wọ́ ẹni tó mú ₦5,000 wá. Kí onítọ̀hún kó ti oṣù mẹ́ta jọ kó tó rà.

Bí ọjà bá ń lọ sókè láìdúró, ẹni tó ní owó ńlá lọ́wọ́ tó rà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo á jèrè jù. Àmọ́ owó oṣù kì í dé lẹ́ẹ̀kan. Èyí tó burú ni ṣíà ilé-iṣẹ́ tó ń kú lọ: bó ṣe ń wó, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀ ń kó o jọ, kò sì ní padà. Èyí ló mú kí àpò ìdókòwò tó kó ṣíà ilé-iṣẹ́ púpọ̀ pọ̀ bá ọ̀nà yìí mu ju ṣíà ẹyọ kan lọ.