Ìpè tó yá, ìṣòro tí kò tán: bó ṣe yẹ ká díwọ̀n òṣìṣẹ́ tó ń gba ìpè oníbàárà

Ní ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti ń gba ìpè oníbàárà, iye kan ló wà lójú gbogbo ènìyàn, òun ni AHT, ìyẹn ìpíndọ́gba àsìkò tí ìpè kan ń gbà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́. Òun ni súpáfáísọ̀ ń wò láràárọ̀, òun náà ló sì sábà máa ń pinnu ẹni tó máa gba bónọ́ọ̀sì lópin oṣù. Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ẹ ro àsìkò tí òṣìṣẹ́ fi bá oníbàárà sọ̀rọ̀ pọ̀ mọ́ èyí tó fi dá a dúró lórí ìlà, kí ẹ fi èyí tó fi kọ àkọsílẹ̀ lẹ́yìn ìpè kún un, kí ẹ wá fi iye ìpè tó gbà pín gbogbo rẹ̀. Ẹni tó gba ìpè 60 lóòjọ́, tó sì lo ìṣẹ́jú 300 lórí wọn, ìṣẹ́jú 5 ni AHT tirẹ̀.

Iye yìí ní iṣẹ́ gidi tó ń ṣe. Agner Krarup Erlang, ọmọ Dẹ́nmáàkì tó bá ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù Kopenhágìn ṣiṣẹ́, ló fi ìpìlẹ̀ ìṣirò náà lélẹ̀ nínú ìwé tó kọ ní 1909 àti 1917: bí a bá mọ iye ìpè tó ń wọlé, tí a sì mọ bí ìpè kan ṣe máa ń pẹ́ tó, a lè mọ iye ènìyàn tó yẹ kó jókòó sídìí fóònù kí àwọn tó ń pè má baà dúró pẹ́. Ètò iye òṣìṣẹ́ ni AHT wà fún. Àpapọ̀ ẹgbẹ̀rún ìpè ló ń sọ òótọ́ nípa rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá mú un wọ inú ìwé ìgbéléwọ̀n ẹnì kan ṣoṣo ni nǹkan máa ń dojú rú, nítorí pé ẹni tó di fóònù mú lè mú iye náà wálẹ̀ láì yanjú ohunkóhun fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ ká mú irú ìpè kan tí àwọn báńkì ní Nàìjíríà ń gbà lójoojúmọ́. Oníbàárà lọ gbowó nídìí ATM. Ẹ̀rọ kò pọ owó jáde, àmọ́ àlẹ́ẹ̀tì ti wọlé pé N20,000 ti kúrò nínú àkáǹtì. Ìlànà tí Báńkì Àpapọ̀, ìyẹn CBN, gbé jáde ní oṣù Kẹfà 2020 pín ọ̀rọ̀ yìí sọ́nà méjì. Bó bá jẹ́ ATM báńkì tó ni káàdì ni, owó gbọ́dọ̀ padà lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá kọ̀ láti dá a padà fúnra rẹ̀, kí òṣìṣẹ́ báńkì fọwọ́ dá a padà láàárín wákàtí 24. Bó bá jẹ́ ATM báńkì mìíràn, wákàtí 48 ni. Ìdí nìyẹn tí ìbéèrè kan fi wà tí òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ fò: “ATM báńkì wo lẹ lò, mà?” Ìdáhùn rẹ̀ ló ń sọ ọ̀nà tí tíkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àkọsílẹ̀ ẹ̀sùn oníbàárà, máa gbà.

Òṣìṣẹ́ tó fara balẹ̀ á kọ́kọ́ rí i dájú pé ẹni tó ni àkáǹtì ló ń bá sọ̀rọ̀. Á béèrè báńkì tó ni ẹ̀rọ, àdúgbò tó wà, ọjọ́, wákàtí àti iye owó. Á wò ó bóyá owó náà ti padà kí oníbàárà tó pè, nítorí ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn tí oníbàárà kò tíì rí àlẹ́ẹ̀tì kejì. Lẹ́yìn náà ló máa ṣí tíkẹ́ẹ̀tì, á ka nọ́ńbà rẹ̀ fún oníbàárà, á sì sọ ọjọ́ tó yẹ kí owó wọlé. Bí ó bá kọ àkọsílẹ̀ tán, ìpè náà á tó ìṣẹ́jú mẹ́fà.

Ẹni tí wọ́n ní kó má kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin kò lè ṣe gbogbo ìyẹn. Ohun tó máa fò ni ìbéèrè báńkì tó ni ẹ̀rọ, nítorí pé kọ̀ǹpútà kò ní dá a dúró bí kò bá béèrè. Á mú ohun àkọ́kọ́ tó wà lójú fọ́ọ̀mù, á ní, “Wákàtí 24, mà, ẹ máa retí rẹ̀,” á sì gbé ìpè kalẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì ti gba ọ̀dọ̀ àwọn tí ọ̀rọ̀ kò kàn lọ. Ọjọ́ kejì ni wọ́n tó dá a padà pé kì í ṣe ATM tiwọn. Nígbà yẹn, oníbàárà ti pè lẹ́ẹ̀kejì, inú ti ń bí i, ẹlòmíràn ló sì gbé e, tí kò rí nǹkan kan kà nínú àkọsílẹ̀. Kó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ló kù. Ìpè kejì yìí á gba ìṣẹ́jú mẹ́jọ.

Ẹ wá wo ibi tí ìyà náà já sí. Ẹni tó sáré ní AHT mẹ́rin, ó yege. Ẹni tó tún iṣẹ́ rẹ̀ ṣe ní mẹ́jọ, wọ́n á pè é lọ́lẹ. Kí ẹ lè rí i dáadáa, ẹ jẹ́ ká fi iye àpẹẹrẹ ṣe é. Oníbàárà 100 bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ń sáré, ó lo ìṣẹ́jú 400. Ká ní 45 nínú wọn tún pè, ìṣẹ́jú mẹ́jọ-mẹ́jọ, ìyẹn jẹ́ 360. Àpapọ̀ 760. Oníbàárà 100 mìíràn bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ń fara balẹ̀, ó lo 600. Bí márùn-ún péré bá tún pè, 40 ni. Àpapọ̀ 640. Ẹni tí ìwé ìgbéléwọ̀n pè ní akíkanjú ti ná ilé-iṣẹ́ ní ìṣẹ́jú 120 ju ẹnì kejì lọ, àmọ́ kò sí ibi tó hàn nítorí pé orí ẹlòmíràn ni ìnáwó náà wà. Gbogbo àṣìṣe ìgbéléwọ̀n yìí kò ju ìyẹn lọ.

Ohun àkọ́kọ́ láti ṣe, nígbà náà, ni kí ẹ dá ìpè kejì padà sórí ẹni tó gba ti àkọ́kọ́. Ẹ ní kí àwọn tó ń ṣe ìjábọ̀ yọ gbogbo oníbàárà tó tún pè láàárín ọjọ́ méje lórí ọ̀rọ̀ kan náà. Nọ́ńbà àkáǹtì ni kí ẹ fi tọpa wọn, kì í ṣe nọ́ńbà fóònù, torí ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń lo síìmù méjì. Ẹni tó sọ fún oníbàárà pé ọ̀rọ̀ ti tán ni kó gbé e. Ẹ yọ ọjọ́ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì báńkì fúnra rẹ̀ dákú kúrò. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀ gbogbo ayé ló ń tún pè, kò sì sí òṣìṣẹ́ tó jẹ̀bi rẹ̀.

Bí ilé-iṣẹ́ yín kò bá tíì lè yọ irú ìjábọ̀ bẹ́ẹ̀, èyí tí ẹ ní lọ́wọ́ ṣì lè tú àṣírí. Ẹ to gbogbo ìpè òṣìṣẹ́ kan ní oṣù kan bí wọ́n ṣe pẹ́ tó. Ìpè tí ẹnikẹ́ni kò fi gbèdéke lé máa ń fọ́n káàkiri: méjì, mẹ́ta, méje, mọ́kànlá. Bí ẹ bá rí i tí wọ́n kó jọ sí ìṣẹ́jú mẹ́ta àti àádọ́ta ìṣẹ́jú-àáyá, nígbà tí táágẹ́ẹ̀tì jẹ́ mẹ́rin, aago ni òṣìṣẹ́ náà ń wò, kì í ṣe oníbàárà. Ẹ wo àwọn ìpè tí kò tó ìdajì ìṣẹ́jú náà. Díẹ̀ nínú wọn jẹ́ àṣìpè lóòótọ́, àmọ́ bí ti ẹnì kan bá pọ̀ ju ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ fíìfíì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló ń gé ìpè, tí oníbàárà sì rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Ẹ tún wo iye ìpè tó ń gbé sọ́dọ̀ ẹ̀ka mìíràn, torí ọ̀nà mìíràn nìyẹn láti yára yọ ìpè kúrò lọ́wọ́ ara ẹni.

Ẹ má torí èyí ju AHT nù. Ẹ kàn má fi to àwọn ènìyàn ní ipò kìíní, ipò kejì mọ́. Ẹ ya ìpè sọ́tọ̀ bí ọ̀rọ̀ inú wọn ṣe rí, torí ìṣẹ́jú tí wọ́n fi ń bá ẹni tó gbàgbé páásìwọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀ kò lè bá ti owó ATM dọ́gba. Bí ti owó ATM bá ń gba ìṣẹ́jú mẹ́fà ní ìpíndọ́gba, ẹni tó bá wà láàárín mẹ́rin sí mẹ́jọ, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹni tó bọ́ sí ìta, lókè tàbí nísàlẹ̀, ẹ lọ gbọ́ ìpè rẹ̀. Nísàlẹ̀ pàápàá, torí ibẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kì í yẹ̀ wò.

Ní ti ìtẹ́lọ́rùn oníbàárà, ìbéèrè méjì tó: “Ṣé ọ̀rọ̀ yín ti yanjú?” àti “Báwo ni ẹni tó gbé ìpè yín ṣe ṣe sí yín, láti 1 dé 5?” Ẹ má pa wọ́n pọ̀. Ènìyàn lè fún báńkì ní 1 nítorí owó tí wọ́n yọ, kí òṣìṣẹ́ tó dá a lóhùn sì ti ṣe dáadáa. Kọ̀ǹpútà ni kó fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó pè tàbí sí àwọn tó ṣà láìṣojúsàájú. Bí ẹ bá fi sọ́wọ́ òṣìṣẹ́, ẹni tí inú rẹ̀ dùn nìkan ló máa fi ránṣẹ́ sí. Ẹ sì má fi ìdáhùn díẹ̀ dájọ́. Ènìyàn mẹ́fà dáhùn, márùn-ún fún un ní 5, ọ̀kan fún un ní 1: 5 ti di 4.3 lórí ẹnì kan ṣoṣo. Ẹ kó ìdáhùn oṣù mẹ́ta jọ kí ó tó 30, ó kéré tán. Bí wọ́n bá sì ti so bónọ́ọ̀sì mọ́ iye yìí, ẹ máa gbọ́ “ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tẹ 5” lópin ìpè. Mo ka ìyẹn sí àmì pé ẹ̀bẹ̀ ti wọ inú òṣùwọ̀n yín.

Àgbọ́tán ìpè kò ṣeé fi nǹkan kan rọ́pò. Mẹ́fà lóṣù fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tó láti mọ ìwà rẹ̀: mẹ́ta tí kọ̀ǹpútà ṣà, méjì tó kúrú jù, ọ̀kan tí oníbàárà rẹ̀ tún pè. Kí súpáfáísọ̀ méjì kọ́kọ́ gbọ́ ìpè kan náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí wọ́n tó fún un ní máàkì. Bí ọ̀kan bá fún un ní 90, tí èkejì fún un ní 60, fọ́ọ̀mù máàkì yín ló ní àìsàn, kì í ṣe òṣìṣẹ́.

Lọ́jọ́ ìgbéléwọ̀n, ẹ jẹ́ kí òṣìṣẹ́ gbọ́ ohùn ara rẹ̀ kí ẹ tó fi iye kankan hàn án. Ẹ bi í pé, “Níbo ló ti yẹ kí o béèrè báńkì tó ni ẹ̀rọ?” kí ẹ dúró gbọ́ ohun tó máa sọ. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló máa ní súpáfáísọ̀ ló ń pariwo AHT létí òun láti àárọ̀. Ẹ kọ ìyẹn sílẹ̀ náà, kí ó sì wọ inú ìgbéléwọ̀n súpáfáísọ̀.