Pé fídíò dún dáadáa lórí kọ̀ǹpútà rẹ kò ní kí ohùn jáde lórí fóònù oníbàárà

Láàárín àwa tí à ń gé fídíò òde ní Kabba, Ìsánlú, Mọ̀pà àti Ẹ̀gbẹ̀, ìgbàgbọ́ kan wà tó ti rinlẹ̀: bí èèyàn bá ti wo iṣẹ́ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lórí táímùláìnì, tí rẹ́ńdà sì parí láìsí wàhálà, àyẹ̀wò ti tán nìyẹn. Kó da fáìlì sí fláàṣì, kó lọ gba owó tó kù. Ìdí tí èyí fi rọrùn láti gbà gbọ́ kò farasin. O ti wo fídíò náà débi pé o mọ ibi tí ìyá ìyàwó yóò ti rẹ́rìn-ín. Iná lè lọ nígbàkigbà, epo jẹnẹrétọ̀ wọ́n, oníbàárà sì ti pè láàárọ̀. Ṣùgbọ́n táímùláìnì kò kúrò lórí kọ̀ǹpútà rẹ. Fáìlì ni oníbàárà ń gbà, orí ẹ̀rọ tí ìwọ kò tíì rí rí ni yóò sì ti ṣí i.

Ibi tí ìgbàgbọ́ yìí ti ń ṣe wá ní jàǹbá jù lọ ni ohùn, ó sì yẹ ká dúró síbẹ̀ dáadáa.

Òkú àgbà kan ni wọ́n ṣe ní ìlú kan lẹ́bàá Kabba. Níbi ìdúpẹ́, àbúrò olóògbé, bàbá tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, dìde, ó sì ka ìtàn ìdílé wọn láti ìran dé ìran. Ọmọkùnrin tó ya fídíò náà mọ iṣẹ́. Kò gbára lé máíìkì orí kámẹ́rà; ó fa wáyà láti míksà ṣọ́ọ̀ṣì lọ tààrà sínú kámẹ́rà, kí ohùn bàbá lè mọ́ gaara. Nígbà tó ń gé e, ó fi orin jẹ́jẹ́ sábẹ́ ọ̀rọ̀ náà. Lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ohùn ń dún, orin ń dún. Ó gbé iṣẹ́ sílẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, àgbà nínú àwọn ọmọ olóògbé, tó ń gbé ní Ọ̀bàjánà, pè é lórí fóònù.

“Ọmọ mi, ẹnu Bàbá ń lọ, n ò gbọ́ nǹkan kan. Orin nìkan ló ń dún.”

“Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ gbé ohùn fóònù yín sókè.”

“Ó ti wà lókè pátápátá.”

Ó ṣí i lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ohùn bàbá wà níbẹ̀ rekete. Ẹ̀bi kọ́kọ́ bọ́ sórí fóònù mọ́mì, lẹ́yìn náà sórí WhatsApp, lẹ́yìn náà sórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó jẹ̀bi. Wáyà àti àyẹ̀wò tí kò ṣe ló fa gbogbo rẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Wáyà ńlá tó ń jáde láti ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ míksà, èyí tí orí rẹ̀ ní ẹsẹ̀ mẹ́ta, ń gbé ohùn kan náà lẹ́ẹ̀mejì: lójú wáyà kan bó ṣe wà, lójú wáyà kejì ní ìdàkejì. Bí ti àkọ́kọ́ bá ń lọ sókè, ti kejì ń lọ sísàlẹ̀. Ọgbọ́n ló wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún irú wáyà bẹ́ẹ̀ yóò yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì, ariwo tó bá kó sí wáyà lójú ọ̀nà á pa rẹ́, ohùn gan-an á sì ṣẹ́kù. Ṣùgbọ́n ihò kékeré tó wà lára kámẹ́rà kò mọ ìyẹn. Òsì àti ọ̀tún ló mọ̀. Ó gba ohùn bàbá sí òsì, ó sì gba ìdàkejì rẹ̀ sí ọ̀tún.

Lórí kọ̀ǹpútà tó ní sípíkà méjì, òsì ń dún lọ́tọ̀, ọ̀tún ń dún lọ́tọ̀, etí á gbọ́ ohùn. Fóònù tí kò ní ju sípíkà kan lọ ní láti da méjèèjì pọ̀. Ohùn àti ìdàkejì rẹ̀ bá pàdé, wọ́n sì pa ara wọn rẹ́. Orin jẹ́jẹ́ tí ọmọkùnrin náà fi sábẹ́ kò ní àbùkù yìí, nítorí náà òun nìkan ló yè. Bákan náà ni yóò rí lórí ọ̀pọ̀ sípíkà bulutúùtù kékeré tí wọ́n ń gbé kalẹ̀ lẹ́bàá tẹlifíṣọ̀n. Nígbà mìíràn ohùn kì í lọ tán; yóò ṣẹ́kù tín-ín-rín, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá kejì.

Kí fídíò náà tó kúrò lọ́wọ́ ọmọkùnrin yẹn, àmì wà tó lè fi mọ̀. Bó bá fi hẹ́dífóònù sétí, ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ tààrà yẹ kó wà láàárín orí. Ohùn bàbá yìí yóò tẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, àárín á ṣófo. Bó bá fa àwòrán ohùn náà tóbi lórí táímùláìnì, yóò rí i pé bí òsì bá yọ sókè, ọ̀tún a rì sísàlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ojú àti òjìji nínú omi. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ̀rí tí kò ní iyèméjì lè da fáìlì tó jáde pọ̀ sí ọ̀nà ohùn kan, kó sì gbọ́ ọ:

```
ffmpeg -i isinku.mp4 -vn -ac 1 mono.wav
```

Bí ọ̀rọ̀ bá pòórá nínú mono.wav, yóò pòórá lórí fóònù mọ́mì. Fún ẹni tí kò fẹ́ràn kí ó máa tẹ irú àṣẹ báyìí, kó ṣáà gbé fáìlì náà sórí fóònù olówó pọ́ọ́kú kan tí sípíkà rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan, kó yọ ẹ̀yàápíìsì, kó sì tẹ́tí sí gbogbo ibi tí ènìyàn ti ń sọ̀rọ̀. Irú fóònù bẹ́ẹ̀ wúlò nínú ọ́fíìsì ẹni tó ń gé fídíò ju hẹ́dífóònù olówó ńlá lọ, torí pé irú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹbí yóò fi wo iṣẹ́ náà.

Àtúnṣe rẹ̀ kì í pẹ́. Nínú Premiere Pro, fi Fill Right with Left sórí kílíìpù ohùn náà, òsì á kún ọ̀tún, ìdàkejì á sì lọ. Nínú DaVinci Resolve, lọ sí Clip Attributes, kó o ní kó ka ohùn náà sí Mono láti ọ̀nà kan ṣoṣo. Kódà bí o bá ti pa iṣẹ́ náà rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tó jẹ́ pé fáìlì tó jáde nìkan ló kù, ọ̀nà ṣì wà, nítorí òsì fáìlì náà ṣì ní ohùn bàbá àti orin pọ̀:

```
ffmpeg -i isinku.mp4 -c:v copy -af "pan=stereo|c0=c0|c1=c0" isinku2.mp4
```

Àṣẹ yìí kò fọwọ́ kan àwòrán rárá. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ẹnì kan ti da òsì àti ọ̀tún pọ̀ kó tó rẹ́ńdà, ohun tó pa rẹ́ ti pa rẹ́, kò sí bí a ṣe lè yọ ọ́ padà nínú fáìlì náà.

Ohùn ni mo fi ṣáájú nínú àyẹ̀wò mi nítorí ìyẹn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wíwo fáìlì fúnra rẹ̀ pátá, kì í ṣe nínú sọ́fúwíà tí o fi gé e. Pa sọ́fúwíà náà, ṣí fáìlì bí oníbàárà yóò ṣe ṣí i, jókòó, má fò kankan, kó o sì máa kọ ìṣẹ́jú tí nǹkan bá ti ṣẹlẹ̀ sínú ìwé. Ìdí ni pé fáìlì lè yàtọ̀ sí ohun tó o wò. Bí o bá fi Use Previews sílẹ̀ nínú Premiere Pro, ó lè jẹ́ àwòrán ìdánrawò tí kò mọ́ ló kó sínú iṣẹ́. Bí o bá gbàgbé àmì òpin tí o fi yẹ apá kan wò níjẹta, apá yẹn nìkan ni yóò jáde. Férémù ẹyọ kan tó ṣẹ́kù láàárín gígé méjì, ìdá kan nínú 25 ìṣẹ́jú-àáyá ni. Lórí kọ̀ǹpútà tó ń fà nígbà tí o ń gé, ojú rẹ á fò ó, ṣùgbọ́n lórí tẹlifíṣọ̀n yóò tàn bí mànàmáná.

Orúkọ tí a kọ sísàlẹ̀ àwòrán ní ìyẹ̀wò tirẹ̀. Fọ́ǹtì ìgbéyàwó tó ní òdòdó kì í sábà mọ lẹ́tà wa. Ẹ, ọ àti ṣ lè di àpótí òfìfo. Ẹ tó ní àmì ohùn lórí le jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí kọ̀ǹpútà ń to àmì ohùn náà lé lẹ́tà ni, kò sí odidi kan tó jẹ́ tirẹ̀. Nínú fọ́ǹtì tí kò dára, àmì náà á ṣí sí ẹ̀gbẹ́. Dá fídíò dúró lórí orúkọ kọ̀ọ̀kan, kó o fi ìwé tí ẹbí kọ orúkọ sí wéra pẹ̀lú rẹ̀, lẹ́tà sí lẹ́tà. Oyè ni kó o wò jù. Ní Kabba, Ọbaró kì í ṣe Ọbadòfin, ẹni tí wọ́n bá sì kọ oyè ẹlòmíràn sí lábẹ́ ojú kò ní gbójú fò ó nítorí pé àwòrán mọ́.

Fláàṣì ló kù. Fídíò wákàtí méjì tí a rẹ́ńdà ní mẹ́gábììtì 8 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan máa ń tó gígábáìtì 7.2. Fláàṣì tí wọ́n tò ní FAT32 kò lè gba fáìlì kan tó ju gígábáìtì 4 lọ, bí àyè tó wà lórí rẹ̀ bá tilẹ̀ jẹ́ 64. Tí o bá tún un tò sí exFAT, yóò gbà á, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n tó ti pẹ́ kì í rí exFAT rárá. Pín fídíò náà sí apá méjì, ìsìn níbì kan, àríyá níbì kejì, ní MP4 àti H.264. Bí o bá rẹ́ńdà ní ìdajì bììtì náà, fídíò yóò wọlé lódindi, ṣùgbọ́n níbi ijó, tí aṣọ ẹbí àti ọwọ́ ti ń yí kíákíá, àwòrán á máa fọ́. Lẹ́yìn tí o bá ti dà á sí i, yọ fláàṣì náà bó ṣe yẹ, kì orí rẹ̀ bọ tẹlifíṣọ̀n, kó o sì wo ìbẹ̀rẹ̀, àárín àti ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn láti orí rẹ̀ gan-an, torí fáìlì tí kò dà tán máa ń bẹ̀rẹ̀ dáadáa, ìparí rẹ̀ ni kì í sí níbẹ̀. Má pa iṣẹ́ náà rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà títí ẹbí yóò fi wò ó tán, tí wọ́n á sì dá ọ lóhùn.