Bí Ètò Mú-Ọ̀rẹ́-Wá Ṣe Ń Ṣiṣẹ́ ní Ilé Gáàsì Kan ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ilé ìtajà tó bá kéde lórí Wáàsáàpù pé kí àwọn oníbàárà òun mú ọ̀rẹ́ wá kí wọ́n sì gba owó, alárinà ló ń wá. Iṣẹ́ alárinà kò ṣàjèjì sí Yorùbá: òun ló ń mú ọkùnrin mọ obìnrin, òun ló ń fọkàn àwọn méjèèjì balẹ̀, bí wọ́n bá sì ti mojú ara wọn tán, á yẹra. Ẹni tó ti ń ra ọjà lè ṣe ohun tí pátákó ìpolówó kò lè ṣe, nítorí pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbà á gbọ́. Ohun tó ṣòro ni ṣíṣírò iye tó tọ́ sí alárinà náà àti mímọ ìgbà tó yẹ kí a san án. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ irú ètò yìí ti ń dàrú, bó ti wù kí ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi kọ ìkéde náà dùn tó.

Ọjà tí èrè rẹ̀ kéré ló dára jù láti fi ṣàlàyé, nítorí pé àṣìṣe kì í fara pamọ́ níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú ilé gáàsì kan ní àdúgbò Adéníkẹ̀ẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ládòkè Akíntọ́lá pọ̀ sí. Sìlíńdà kílò 3 ló wọ́pọ̀ lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́, ìdílé kékeré a máa lo kílò 6, àwọn tí ilé wọn kún àti àwọn tó ń dáná tà sì ń gbé kílò 12.5 wá. Iye owó gáàsì kì í dúró lójú kan, nítorí náà a kàn mú àwọn iye tó tẹ̀ lé e yìí láti fi ṣírò ni. Ká ní ilé gáàsì náà ń ta kílò kan ní ₦1,200, tó ń rà á ní ₦1,100, tí ẹ̀rọ amúnáwá àti owó òṣìṣẹ́ sì ń kó ₦20 lọ lórí kílò kọ̀ọ̀kan. Ohun tó kù fún olówò lórí kílò kan kò ju ₦80 lọ.

Olówò tó bá ń wo owó tó wọlé, tí kò wo èyí tó kù, ni yóò ṣìnà. Oníbàárà tó rọ gáàsì kílò 12.5 san ₦15,000, ó sì rọrùn láti rò pé ₦1,000 kò tó nǹkan tí a fi lè dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó mú un wá. Ṣùgbọ́n ₦1,000 yẹn gan-an ni gbogbo èrè tó wà nínú ₦15,000 náà. Ti akẹ́kọ̀ọ́ tó gbé kílò 3 wá tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ₦240 péré ni èrè orí rẹ̀. Bí ìkéde bá ti sọ pé ₦500 ni alárinà yóò gbà lórí ẹnikẹ́ni tó bá mú wá, olówò ti pàdánù ₦260 lórí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan tó wá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí kò sì padà wá mọ́. Èyí tó tún mú ọ̀rọ̀ náà léwu ni pé ní gbogbo àsìkò tí àdánù yìí ń ṣẹlẹ̀, ńṣe ni èrò ń pọ̀ sí i níwájú ilé ìtajà, tí olówò sì ń rò pé ọjà ń tà.

Ọ̀nà àbáyọ ni pé kí a má san owó lórí orí èèyàn, kí a san án lórí kílò. Ká ní a fẹ́ fún alárinà ní ₦500, kí àlejò tó mú wá náà sì rí ₦200 gbà bí èènì. Èènì àlejò yìí ṣe pàtàkì ju bó ti rí lójú lọ, nítorí pé alárinà tó mọ̀ pé òun nìkan ni yóò jẹ èrè níbẹ̀ a máa tijú láti bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ ọ́, kó má baà dà bí ẹni tó ta ọ̀rẹ́ rẹ̀ jẹ. ₦700 ni gbogbo rẹ̀ jẹ́, bí a bá sì fi ₦80 pín in, kílò 8.75 ni èrè tí yóò san án. A lè sọ ọ́ di kílò 9, èyí tí í ṣe sìlíńdà kílò 3 lẹ́ẹ̀mẹ́ta gééré.

Bó ṣe máa lọ nìyí. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ́kọ́ wá rọ kílò 3, a yọ ₦200 fún un nínú ₦3,600 tó yẹ kó san, ₦40 sì ṣẹ́ kù fún olówò. Alárinà kò tíì gba nǹkan kan. Nígbà tó bá wá lẹ́ẹ̀kejì, ₦240 wọlé. Ní ìgbà kẹta tí gáàsì tó ti rà pé kílò 9, èrè orí rẹ̀ ti di ₦720, a lè wá fi ₦500 ránṣẹ́ sí alárinà, kó sì ku ₦20. Láti ìgbà kẹrin lọ, akẹ́kọ̀ọ́ náà ti di oníbàárà ilé gáàsì fúnra rẹ̀, alárinà sì ti yẹra. Ìdílé tó gbé kílò 12.5 wá ti kọjá kílò 9 lọ́jọ́ àkọ́kọ́, nítorí náà alárinà rẹ̀ yóò gba owó lọ́jọ́ náà gan-an. Ìyẹn náà dára, torí ó ń jẹ́ kí àwọn oníbàárà rántí ìyá olóúnjẹ tó wà ládùúgbò dípò àwọn ọmọ yàrá wọn nìkan. Ó kù kí a fi ẹnu èènì sọlẹ̀: láti kílò 3 sókè ni kó ti bẹ̀rẹ̀, nítorí àwọn kan yóò wá ra gáàsì ₦1,000, èrè orí ìyẹn kò sì tó ₦70.

Àwọn kan yóò ní kí a fi gáàsì dúpẹ́ dípò owó, pé yóò dín ìnáwó kù. Ó rí bẹ́ẹ̀ fún ilé ìfọṣọ, tí aṣọ méjì tó bá fọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ kò ná an ju ọṣẹ àti omi díẹ̀ lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀ fún gáàsì, nítorí pé kílò kan tí a fi tọrẹ ti ná olówò ní ₦1,120 kó tó fi tọrẹ.

Ohun tó kàn ni bí a ó ṣe mọ ẹni tó mú ẹni wá. Èyí tó rọrùn jù ni kí nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn nínú nọ́ńbà fóònù oníbàárà jẹ́ kóòdù rẹ̀, kí a sì fi lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ kún un bí ti ẹni méjì bá bára mu. Ilé gáàsì yóò ṣe líǹkì kan fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan, tí nọ́ńbà fóònù ilé gáàsì wà nínú rẹ̀ láìní òdo iwájú, tí kóòdù oníbàárà náà sì tẹ̀ lé e:

```
https://wa.me/234XXXXXXXXXX?text=MOWA-4417
```

Bí ọ̀rẹ́ bá tẹ líǹkì yìí, Wáàsáàpù rẹ̀ yóò ṣí pẹ̀lú ọ̀rọ̀ náà tó ti wà níbẹ̀, kó kàn fi ránṣẹ́ ni. Nípa bẹ́ẹ̀, ọ̀rẹ́ náà ló fúnra rẹ̀ gbé nọ́ńbà rẹ̀ kalẹ̀. Ó sàn púpọ̀ ju kí a ní kí àwọn oníbàárà máa kó nọ́ńbà àwọn ọ̀rẹ́ wọn wá láìjẹ́ pé wọ́n gbàṣẹ, ohun tó lè kó olówò sínú wàhálà lábẹ́ òfin tó ń dáàbò bo dátà àwọn aráàlú, tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà ní 2023. Lẹ́yìn èyí, ìwé onílà kan tó: ọjọ́, nọ́ńbà àlejò, kóòdù alárinà, àti iye kílò.

Ọ̀nà ẹ̀rú méjì ló wọ́pọ̀. Èkíní ni ti àwọn ọmọ yàrá kan náà, tí mẹ́rin nínú wọn ń lo sìlíńdà kan, tí wọ́n á wá máa gbé e wá lọ́kọ̀ọ̀kan lórúkọ ẹni tuntun. Fóònù wọn yàtọ̀, ṣùgbọ́n ibi tí sìlíńdà náà tẹ̀ àti ibi tí ọ̀dà rẹ̀ ti bó kò yàtọ̀, òṣìṣẹ́ tó ń rọ gáàsì yóò sì dá a mọ̀ kí ìwé tó dá a mọ̀. Èkejì wá láti inú ilé: òṣìṣẹ́ náà lè máa kọ kóòdù ara rẹ̀ tàbí ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ sí ẹnikẹ́ni tó bá ya wọlé láti ojú títì. Àmì rẹ̀ ni pé gbogbo àlejò tó wà lábẹ́ kóòdù kan wá ní àkókò tí òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo wà lẹ́nu iṣẹ́, kò sì sí ọ̀rọ̀ kankan láti ọ̀dọ̀ wọn lórí Wáàsáàpù. Bí òfin bá ti wà pé kóòdù gbọ́dọ̀ ti dé láti orí fóònù àlejò kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ gáàsì, ìyẹn ti parí.

Lẹ́yìn gbogbo èyí ni ìkéde ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn. “Ẹ mú ọ̀rẹ́ yín wá, kí ẹ gba ẹ̀bùn ńlá” kò sọ nǹkan kan, ó sì ń rán àwọn èèyàn létí MMM, tó ti owó àwọn olówó pa ní oṣù Kejìlá 2016. Ohun tó ya ètò yìí sọ́tọ̀ sí ìyẹn ni pé inú gáàsì tí wọ́n tà ni owó ti ń jáde, kò sì sí ẹni tí yóò gba nǹkan kan lórí ọ̀rẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ìkéde tó ṣeé tẹ̀ lé yóò rí báyìí:

“Ẹ̀yin oníbàárà wa, a kí yín. Títí di ọgbọ̀njọ́ oṣù yìí, ẹ fi líǹkì yín ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ tàbí aládùúgbò tí kò ra gáàsì lọ́dọ̀ wa rí. Lọ́jọ́ tó bá kọ́kọ́ rọ kílò 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, a ó yọ ₦200 fún un. Lọ́jọ́ tí gáàsì rẹ̀ bá pé kílò 9, a ó fi ₦500 ránṣẹ́ sí àkáǹtì yín. Ó ní oṣù mẹ́ta láti fi pé e. Sìlíńdà tí a ti rọ gáàsì sí rí kì í ṣe ti ẹni tuntun. Ẹni mẹ́wàá ni ẹnì kan lè mú wá.”

Ọjọ́ méjì ló wà nínú rẹ̀, wọn kò sì gbọ́dọ̀ pa pọ̀: ọgbọ̀njọ́ oṣù ni òpin wíwá àlejò, oṣù mẹ́ta sì ni ti kílò. Bí kílò 3 bá tó akẹ́kọ̀ọ́ kan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ìgbà kẹta rẹ̀ yóò bọ́ sí nǹkan bí oṣù méjì lẹ́yìn ti àkọ́kọ́. Bí ilé-ìwé bá lọ sí ìsinmi láàárín, kí a dá kíkà oṣù dúró títí wọn yóò fi wọlé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn alárinà yóò sọ pé wọ́n rẹ́ àwọn jẹ ni. Kò sì dára láti gbé ìkéde náà síta nígbà tí Iléyá tàbí Kérésì bá ku ọ̀sẹ̀ kan. Tẹbí-tará ló ń rọ gáàsì nígbà yẹn, olówò yóò sì máa san ₦700 lórí ẹni tí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ì bá ti gbé wá.

Nígbà tí oṣù kẹrin bá wọlé, kí olówò ṣí ìwé onílà náà, kó ka iye àwọn àlejò tó ti gbé sìlíńdà wọn padà wá lẹ́yìn kílò 9. Àwọn yẹn nìkan ni ètò náà mú wá.